Lẹ́tà sí ọ̀gá nítorí àìsàn ìfun wíwú

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àìsàn ìfun wíwú, ìdí owó ni mo ń jókòó sí ní ilé ìtajà kan ní Adó-Èkìtì. Ọwọ́ máníjà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń wà. Kí ni kí n kọ sí i?"

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ má kọ "ara mi ò yá" o. Wọ́n á rò pé ibà ni, pé yóò tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì kọ pé ẹ ń ṣu gbuuru, wọ́n á máa bẹ̀rù pé ó lè ràn. Ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ìfun ló ń wú tó ń legbò, kì í ràn, ó máa ń rọlẹ̀, á sì tún ru. Bí ẹ ò bá sọ pé ó máa ń rọlẹ̀, ọjọ́ tí ara yín bá dá ni wọ́n á pè yín ní òpùrọ́.

Ohun tí ẹ ń béèrè ni kí ẹ wá là sílẹ̀ kedere, báyìí:

"Bí àìsàn yìí bá ru, ìgbẹ́ lè gbọ̀n mí lójijì, mi ò sì ní lè mú un mọ́ra pẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ kan tí yóò máa wà lọ́wọ́ mi, kí n lè dìde láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Màá ti àpótí owó pa kí n tó dìde, ẹni tó wà ní káńtà kejì yóò sì dá àwọn oníbàárà lóhùn. Òwúrọ̀ ló máa ń le jù. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wọlé ní aago 9:30 dípò 8:00, kí n sì jáde ní 6:30 dípò 5:00. Màá fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín kí aago 7:00 tó lù. Ẹ jẹ́ ká dán an wò fún oṣù mẹ́ta."

Ti àpótí owó yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí owó ni máníjà ń bẹ̀rù fún. Wákàtí iṣẹ́ kò sì dín, nítorí náà kò sí ìdí láti gé owó oṣù.

Ẹ so ìwé dókítà mọ́ ọn. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, yálà ti Adó tàbí ti Ìdó, ẹ sọ fún dókítà pé kì í ṣe ìwé ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ fẹ́. Kí ó kọ ọ́ pé àìsàn náà kì í lọ bọ̀rọ̀, pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n yín lójijì, pé ó yẹ kí ẹ wà nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ìfun kò kan máníjà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, kọ̀ kí wọ́n máa yà àwọn abirùn sọ́tọ̀. Ó ka àìsàn tó pẹ́, tó sì ń dí ènìyàn lọ́wọ́ gan-an, mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Ẹ má tíì fi dẹ́rù bà wọ́n nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu tiyín, kó sì kọ déètì sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ òmíràn kúkúrú, kí ẹ dárúkọ déètì yẹn nínú rẹ̀.