Yíyí orúkọ padà: afidáfíìtì àti ìwé ìròyìn

"Mo ti ṣègbéyàwó, mo fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Tí mo bá ti búra ní kóòtù, ṣé mo ṣì máa gbé e sínú ìwé ìròyìn?"

Ẹ kú oríire o, sístà mi. Ẹ ṣì máa gbé e, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Afidáfíìtì lẹ fi ń búra ní kóòtù pé Bísí Àjàyí àná àti Bísí Ọládélé òní, ẹnì kan náà ni, fọ́tò yín á wà lára ẹ̀, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ti ìwé ìròyìn, ìkéde fún aráyé ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ibi tó ti sọ pé gbogbo ìwé yín àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí orúkọ àtijọ́ ló ṣì máa wà lórí sátífíkéètì WAEC yín. Sípẹ́lì ló máa ń bà á jẹ́ jù: tí kóòtù bá kọ Oladele, tí ìwé ìròyìn wá kọ Oladelle, báńkì á dá yín padà ni. Ẹ má sì gé ìkéde yẹn jáde o, odindi ojú ewé ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kí orúkọ ìwé ìròyìn àti déètì lè hàn. Ẹ mú sátífíkéètì ìgbéyàwó dání pẹ̀lú, ẹni tó kàn wù ú láti yí orúkọ padà ni ò ní ìyẹn lọ́wọ́.