Lípsítíìkì wo ló dáa lásìkò ọyẹ́?

Ọyẹ́ Abuja ń bó ètè mi, ṣé kí n ṣì máa kun máàtì àbí kí n lo kíríìmù?

Kíríìmù ni kẹ́ ẹ lò, tàbí báàmù aláwọ̀, títí ọyẹ́ á fi lọ. Máàtì olómi ló burú jù torí òróró tó gbé àwọ̀ ẹ̀ máa ń fò lọ ni, àwọ̀ á wá gan mọ́ ètè, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ báyìí ó ti sán. Tó bá pọn dandan fún òde, ẹ fi òrí pa ètè, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, ẹ nù ún kẹ́ ẹ tó kun máàtì. Ẹ ka ara báàmù yín náà o, tẹ́ ẹ bá rí mẹ́ntọ́ọ̀lù tàbí káfúrà níbẹ̀ ẹ fi sílẹ̀, ìtútù tó ń ta yẹn ò wo nǹkan kan, ńṣe ló ń yọ ètè lẹ́nu tẹ́ ẹ á tún fi máa kùn ún lákùntúnkùn. Àmọ́ tí ètè bá ń wú tàbí ó ń yún yín, ó lè jẹ́ lọ́fíńdà inú ohun tẹ́ ẹ kùn ni ò bá yín lára mu.