Kí ni kárí-ófà, kí ló sì fi yàtọ̀ sí rísítì?

"Àbúrò mi wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì. Ó ní kárí-ófà kan ṣoṣo lòun ní, síbẹ̀ wọ́n ní kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Kí ni kárí-ófà yìí gan-an? Ṣé kò lè ṣe rísítì ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń fún èèyàn láyè?"

Kárí-ófà ni kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ féèlì, tó sì di ẹrù tí yóò gbé wọ ọdún tó ń bọ̀. Ẹrù náà ju ìdánwò lọ. Yóò tún fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà, yóò bá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jókòó ní kíláàsì, yóò ṣe tẹ́ẹ̀sì wọn, kó tó tún ìdánwò ṣe. Rísítì ní tirẹ̀, ìdánwò nìkan ni wọ́n ń padà wá ṣe, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà la ti máa ń gbọ́ ọ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá páàsì rẹ̀ kì í sábà gbà ju 40 lọ, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka yòókù nílé wa, kárí-ófà ni.

Ohun tó dá àbúrò yín dúró ni pé sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo nínú ọdún ni wọ́n sábà máa ń kọ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ tí èèyàn féèlì lónìí, ó di sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó wà ní ọdún kìíní lè fi mọ́ iṣẹ́ ọdún kejì, kí ọjọ́ ìjáde rẹ̀ má sì yẹ̀ rárá. Ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn kò ní ọdún mìíràn tí yóò fi í mọ́, àfi kó dúró. Ìdúró yẹn làwọn ọmọ iléèwé ń pè ní ẹ́sítírà yíà tàbí sípìlófà.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ ìpìlẹ̀ fún òmíràn. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísìrì fún ọdún mẹ́rin, tó sì féèlì CHM 101. Ká ní ẹ̀ka rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí kò páàsì rẹ̀ ṣe CHM 201, tí 201 ló ń ṣílẹ̀kùn CHM 301, tí 301 náà ń ṣílẹ̀kùn CHM 401, tó sì jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ gbogbo wọn. Yóò páàsì 101 lọ́dún kejì, yóò ṣe 201 lọ́dún kẹta, 301 lọ́dún kẹrin, 401 yóò wá bọ́ sí ọdún karùn-ún. Ọdún kìíní ló ti ṣubú, ṣùgbọ́n ọdún kẹrin ló máa ń yé ọ̀pọ̀ wọn, èyí sì máa ń dùn mí gan-an. Àwọn ẹ̀ka kan máa ń gbà kí wọ́n ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n féèlì pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún. Kó béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì rẹ̀ kó tó gbà pé ọdún ti lọ.

Yúníìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, náà ní òpin. Ó sábà máa ń jẹ́ 24 ní sẹ̀mẹ́sítà kan, kárí-ófà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún. Ẹni tí iṣẹ́ ọdún rẹ̀ jẹ́ 20, tó gbé yúníìtì 3 lẹ́rù, 23 ni, ó wọlé. Ẹni tó gbé 9, 29 ni tirẹ̀. Ó di dandan kó fi yúníìtì 5, ó kéré tán, sílẹ̀ nínú ti ọdún yẹn, èyí á sì tún di ẹrù. Ẹni tó ṣe ìdánwò láìforúkọ sílẹ̀ fún un, òfo ló ṣe.

Ní ti iye ìgbà, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í ka ẹ̀ẹ̀melòó, ọdún ni wọ́n ń kà. Iye ọdún ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ ni òpin: ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́fà. Ṣùgbọ́n F àkọ́kọ́ kì í sábà parẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń kà á, ẹni tó féèlì kọ́ọ̀sì yúníìtì 3, tó wá gba C, tó jẹ́ máàkì 3 fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, máàkì 9 ni wọ́n máa pín sí yúníìtì 6, ìyẹn 1.5, dípò 3 tí C ìbá fún un.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí àbúrò yín. Àjọ NYSC kì í mú ẹni tó ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọdún kan yẹn lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ní sìnrú ìlú.