Ìlẹ̀kẹ̀, Tayò àbí Zubeka?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ géèmù orí fóònù sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: Ìlẹ̀kẹ̀, Tayò àti Zubeka. Èwo ni ká mú?"

Àbúrò, kọ́kọ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn yóò ṣe máa tẹ̀ wọ́n nínú Google Play. Orúkọ tí Android fi ń dá géèmù mọ̀ lábẹ́lẹ̀ pàápàá, irú `com.tayo.ogun`, kì í gba ẹ tàbí ṣ. Bí ẹ bá sì ti gbé géèmù jáde, èyí kò ṣeé yí padà mọ́.

Tayò dùn létí, torí ta àti ayò ti wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n tí àmì bá kúrò, ó di Tayo, gbogbo Táyọ̀ tó wà ní Ifẹ̀ ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan náà wà nínú eré àwòrán àwọn ará Kòríà láti 2010, Tayo lorúkọ rẹ̀, ó sì ní géèmù orí fóònù. Ẹni tó bá ń wá yín, bọ́ọ̀sì ni yóò rí. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti Zubeka, ilé-iṣẹ́ tí mo bá wọn dá sílẹ̀ ní Iléṣà ní z nínú orúkọ. Tí a bá pè é fún èèyàn lórí fóònù, s ni wọ́n ń tẹ̀, torí kò sí z nínú èdè wa. Wọn kì í rí wa. Zynga, ilé-iṣẹ́ géèmù ará Amẹ́ríkà, rí i ṣe, òótọ́ ni, orúkọ ajá olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì yí díẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìpolówó wọn kọjá agbára tiwa.

Ìtumọ̀ Ìlẹ̀kẹ̀ ló wù mí jù. Ní Igbó Olókun, nínú Ifẹ̀ yín níbẹ̀, làwọn baba wa ti ń yọ́ díńgí ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà nìkan yóò sọnù sáàárín àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá sì fi ayò kún un, ìlẹ̀kayò lẹnu yóò pè. Àwọn kan á tẹ Ilekayo, àwọn mìíràn Ilekeayo. Fáwẹ́lì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni kí n di ìtumọ̀ yẹn mú, kí n wá ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀. Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye nì, bá a mu. Òun nìkan kúrú jù, wọ́n sì lè kà á sí ṣẹ́gi. Nítorí náà ẹ so dán mọ́ ọn, kó di Segidan. Fáwẹ́lì kankan kò jẹ èkejì, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ pe èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sí yín. Tí mẹ́ta bá tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mìíràn, ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wò ó nínú Google Play àti lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ CAC kì í ṣe àmì òwò o. Àmì òwò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ l'Abuja, ìsọ̀rí 9 nínú rẹ̀ sì ni géèmù tí èèyàn ń gbà sórí fóònù wà.