Kòẹfíṣẹ́ǹtì tó ti 7.245 já sí -0.024

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, mo ń fi mtcars, dátà ọkọ̀ 32 tó wà nínú R, kọ́ rìgíréṣọ̀n. Nígbà tí mo fi am nìkan, ìyẹn irú jíà ọkọ̀, wo mpg, ìyẹn iye máìlì tó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan, 7.245 ni mo rí. Nígbà tí mo fi wt, ìwúwo ọkọ̀, kún un, am di -0.024. Ṣé mo ti ṣe àṣìṣe ni? Èwo ni kí n kọ sínú iṣẹ́ mi, báwo ni mo sì ṣe máa kọ ọ́?”

Àbúrò mi, o kò ṣe àṣìṣe kankan. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o bi àwọn ọkọ̀ 32 yẹn, ìdáhùn méjì ni wọ́n sì fún ọ.

Kí n tó kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ta mí lára. Owó ilé ni iṣẹ́ àṣekágbá tèmi dá lé lórí. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé téèpù kiri, tí mo ń wọn yàrá dé yàrá, tí àwọn onílé ń bi mí bóyá ìjọba ló rán mi wá gba owó orí. Nígbà tí mo fi iye yàrá nìkan wo owó ilé, kòẹfíṣẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn iye tí owó ilé fi ń yí padà bí yàrá kan bá kún un, ju òdo lọ bí gbogbo ènìyàn ti retí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi fífẹ̀ ilé kún un báyìí, àmì àyọkúrò dé síwájú rẹ̀, àfi bí ẹni pé bí yàrá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ilé ń já wálẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kò bọ́gbọ́n mu, ó ní kí n yọ fífẹ̀ ilé kúrò. Mo yọ ọ́. Mo tún orí kẹrin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹni tó bá fi yàrá kan kún ilé rẹ̀ yóò máa gba owó púpọ̀ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo máa dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí olùyẹ̀wò tó wá láti ìta bi mí ni pé, “Fífẹ̀ ilé ńkọ́?” Ọ̀gá mi tó ní kí n yọ ọ́ wà ní ìjókòó, fóònù ló ń wò. Odindi oṣù méje ni mo tún fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe àmì àyọkúrò yẹn. Bí fífẹ̀ ilé kò bá yí padà, tí yàrá mẹ́ta sì di mẹ́rin, a jẹ́ pé wọ́n ti gé àwọn yàrá náà kéré nìyẹn. Mo ti wọn irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá kan tí wọ́n fi pákó là sí méjì, tó jẹ́ pé bí ibùsùn bá ti wọlé, ilẹ̀kùn kì í lè ṣí tán mọ́. Ta ni yóò san owó gọbọi fún un? Kòẹfíṣẹ́ǹtì yẹn kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ́ yàrá tuntun mọ́ ara ilé rẹ̀, nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi kún fífẹ̀ ilé pẹ̀lú, kòẹfíṣẹ́ǹtì méjèèjì ni a ó sì jọ kà fún un.

Ó yá, ọkọ̀ tìrẹ. Inú ìwé ìròyìn Motor Trend ti Amẹ́ríkà ní 1974 ni dátà náà ti wá. Ọkọ̀ ọtomátíìkì 19 tó wà níbẹ̀ ń rin máìlì 17.15 lórí gálọ́ọ̀nù epo kan, bí a bá pín in dọ́gba. Máńúwà 13, tí am wọn jẹ́ 1, ń rin 24.39. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni 7.245 tí o rí, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ìwúwo wọn: bí a bá pín in dọ́gba, àwọn ọtomátíìkì wúwo tó pọ́n-ùn 3,769, àwọn máńúwà sì jẹ́ 2,411 péré. Ọkọ̀ ńlá ni o ń fi wé ọkọ̀ kékeré, o sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí jíà lọ́rùn. Nígbà tí wt wọlé, kòẹfíṣẹ́ǹtì tirẹ̀ jẹ́ -5.353, ìyẹn ni pé láàárín àwọn ọkọ̀ tí jíà wọn jẹ́ irú kan náà, èyí tó fi ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn wúwo ju èkejì lọ ń fi bíi máìlì márùn-ún ó lé díẹ̀ rìn dín. Wàyí o, fi 5.353 sọ 1.358 tó jẹ́ ìyàtọ̀ ìwúwo wọn ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn di púpọ̀, wàá rí 7.27, yọ 0.024 kúrò, 7.245 rẹ dé pérépéré. Ìwúwo ló fara pa mọ́ sábẹ́ am láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí ohun tí “láì yí ìwúwo padà” túmọ̀ sí, tẹ èyí:

```
a <- resid(lm(am ~ wt, data = mtcars))
m <- resid(lm(mpg ~ wt, data = mtcars))
lm(m ~ a)
```

Nọ́ńbà kan náà, -0.02362, ni yóò jáde fún a, bí R tilẹ̀ lè kọ ọ́ bíi -2.362e-02. Ohun tí ìwúwo lè sọ nípa jíà ni o ti kọ́kọ́ yọ dànù, àwọn ọkọ̀ tí jíà wọn kò bá ìwúwo wọn lọ ló sì wá ń pinnu ìdáhùn jù lẹ́yìn náà. Àpẹẹrẹ ni Maserati Bora, tó jẹ́ máńúwà bó tilẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn 3,570. Máìlì 15 péré ló ń rìn, nígbà tí ìlà rìgíréṣọ̀n ń retí bíi 18 lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 335, kò sí èyí tó jù ú lọ nínú gbogbo wọn. Ìwúwo nìkan ni o mú dúró, ẹ́ńjìnnì kò sí nínú àdéhùn. Nítorí náà, má ṣe kọ “bí gbogbo nǹkan yòókù bá dúró bákan náà” bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti máa ń kọ ọ́. Dárúkọ ohun tí o mú dúró.

Ìkìlọ̀ kan tún nìyí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Láàárín pọ́n-ùn 2,465 sí 3,570 nìkan ni irú jíà méjèèjì ti pàdé. Àwọn mẹ́ta tó ju 5,000 lọ, ọtomátíìkì ni gbogbo wọn, kò sí máńúwà kankan tí a lè fi wé wọn. R kò ní kìlọ̀ fún ọ. Yóò fa ìlà náà gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé ẹ̀rí wà.

O bi mí pé èwo ni kí o kọ. Kọ méjèèjì, pẹ̀lú ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn. Fún èkejì, kọ báyìí: “Nínú ọkọ̀ 32 wọ̀nyí, bí a bá fi máńúwà wé ọtomátíìkì tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba, ìyàtọ̀ tí a fojú bù láàárín wọn jẹ́ máìlì -0.024 lórí gálọ́ọ̀nù kan.” Má ṣe kọ ọ́ pé jíà kò ṣe nǹkan kan sí epo. Fi confint wo ààlà ìdánilójú 95% rẹ̀, wàá rí i pé ó lọ láti bíi -3.2 dé 3.1: jíà lè gba máìlì mẹ́ta kúrò, ó sì lè fi mẹ́ta kún un, ọkọ̀ 32 yẹn kò tó láti sọ èwo.