Ta ló ń bọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Jéìnì?

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Jéìnì ní Íńdíà kì í fọwọ́ kan owó, wọn kì í dáná, wọn kì í dáko. Báwo ni wọ́n ṣe wà títí dòní?"

Àwọn ọmọ ìjọ tó ní ilé àti ìdílé ló ń bọ́ wọn, àmọ́ òfin kò gbà kí a dìídì se oúnjẹ dè wọ́n. Màháfírà, olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn náà, tó kọ́ni ní agbègbè Bìháà ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, ní omi, iná, ilẹ̀ àti ewéko ló ní ẹ̀mí. Ẹni tó bá dáná ti pa nǹkan. Bí a bá dá a nítorí ajẹ́jẹ̀ẹ́, òun náà ti pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Ohun tí ilé sè fún ara rẹ̀ ni yóò ti bù díẹ̀, bí oyin ṣe ń fa omi òdòdó láìba òdòdó jẹ́.

Ẹ wo ìjọ Digámbárà, tí àwọn ọkùnrin wọn kì í wọṣọ rárá bí wọ́n bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹun. Kí ó tó jáde, ajẹ́jẹ̀ẹ́ á ti fi àmì kan sọ́kàn láìsọ fẹ́nì kankan, bóyá tọkọtaya tó mú àgbọn dání. Onílé á ti wẹ̀, á ti sẹ́ omi, á sì sè é, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pè é wọlé. Bí kò bá rí àmì náà nílé kankan, ebi ló máa gbé padà. Bó bá rí i, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò dúró lórí ìdúró, yóò pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ ṣe abọ́. Òkèlè kan, a yẹ̀ ẹ́ wò; òkèlè míì, a tún yẹ̀ ẹ́ wò. Irun kan péré tàbí kòkòrò tó ti kú, oúnjẹ parí nìyẹn. Kò ní mu omi pàápàá títí di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí àwọn onílé fi ń ṣa ọkà lójú mọmọ.

Nítorí pé iṣẹ́ oko ń pa ohun abẹ̀mí, òwò ni ọ̀pọ̀ onílé gbájú mọ́. Owó wọn sì pọ̀. Ní ìlú Mátúrà, àwọn òkúta ìgbà àwọn ọba Kùṣánà àtijọ́ ṣì gbé orúkọ àwọn obìnrin tó ya ère sí mímọ́, pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ tó gbà wọ́n níyànjú. Ní 1031, Fímálà, ìjòyè ọba, kọ́ tẹ́ńpìlì mábù sí Òkè Ábù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Òfin ní kí ajẹ́jẹ̀ẹ́ máa rìn káàkiri, kí ó jókòó síbì kan ní oṣù mẹ́rin òjò nìkan. Àmọ́ ní Gùjáráàtì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan fìdí mọ́ tẹ́ńpìlì, wọ́n ń jẹ nínú ọrọ̀ ibẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé ní ọ̀rúndún kọkànlá, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Jìnéṣífárà bá wọn jiyàn níwájú ọba ní ìlú Pátánì, ó sì borí. Lóde òní, ìgbìmọ̀ àwọn onílé ló sábà ń mójú tó owó tẹ́ńpìlì.