Ẹ ti pa fáìlì rẹ́ lórí Máàkì, àyè kò yọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo pa fídíò ìgbéyàwó 80 GB rẹ́ lórí Máàkì mi, mo sì da Trash nù. Finder ní 95 GB ló ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n Disk Utility ní 80 lára rẹ̀ jẹ́ purgeable, áàpù kan sì ní àyè ò tó. Wọ́n ní kí n ra áàpù tó ń fọ kọ̀ǹpútà. Èwo ló dára?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìkankan. Ó ń bí mi nínú pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ìdọ̀tí kankan nínú dísíìkì yín. Fídíò yẹn gan-an ló ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti tan Time Machine, ètò tí Máàkì fi ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì, Máàkì máa ń ya ẹ̀dà ojú-ẹsẹ̀ ní wákàtí wákàtí: àkọsílẹ̀ bí gbogbo fáìlì ṣe wà ní àsìkò náà, lórí dísíìkì kan náà. Kì í ṣe pé ó da fáìlì kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn sọ pé ohun tó wà níbí lásìkò yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Nítorí náà, tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ ló lọ. Ara rẹ̀ dúró títí ẹ̀dà tó dì í mú yóò fi kúrò.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fídíò dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ẹ pa á rẹ́ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ̀dà aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá àti mọ́kànlá ló dì í mú. Wákàtí 24 ni Máàkì sábà máa ń fi pa wọ́n mọ́, torí náà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì, àyè yóò yọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti ẹ̀dà tí ẹ kọ sórí dísíìkì ìta kẹ́yìn mu lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Purgeable túmọ̀ sí àyè tí Máàkì lè gbà padà nígbà tó bá nílò rẹ̀. Finder kà á mọ́ àyè tó ṣófo. Àwọn áàpù kan kì í kà á, ìdí nìyẹn tí tiyín fi kọ̀.

Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ ṣí Terminal:

```
tmutil listlocalsnapshots /
```

Yóò to àwọn ẹ̀dà náà síwájú yín. Ẹ mú déètì inú orúkọ èyí tí ẹ fẹ́ yọ, kí ẹ fi parí àṣẹ kejì, bíi:

```
sudo tmutil deletelocalsnapshots 2025-03-14-110212
```

Gbogbo èyí tó dì fídíò náà mú lẹ máa yọ. Ẹyọ kan tó bá kù ti tó láti di àyè náà mú. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú com.apple.os.update, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ rí i pé fídíò tọkọtaya náà wà lórí dísíìkì mìíràn. Tí kò bá sí, ẹ̀dà yìí nìkan ló ṣẹ́kù. Tí ẹ bá yọ ọ́, èmi ò lè bá yín gbà á padà.